Akápò ẹgbẹ́ ti sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù: ta ló máa mú un wálé, owó ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́ọ̀yà wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa ọlọ́jà kan ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí. Akápò wa fi fóònù ẹ̀ gbé mílíọ̀nù 31 náírà láti àkáǹtì ẹgbẹ́ sínú àkáǹtì ara ẹ̀, ó tún gba mílíọ̀nù 15 ní kéèṣì, ó sì ti wà lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ọlọ́pàá ní ká fọkàn balẹ̀, Íńtápọ́ọ̀lù máa gbé e wá. Ṣé òótọ́ ni? Ọdún mélòó ló máa gbà, owó wa ńkọ́? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tún ń sọ pé ká ní kí wọ́n lọ mú ìyá ẹ̀ tó wà nílùú.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ Íńtápọ́ọ̀lù yẹn kúrò nílẹ̀ ná, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń jókòó sí títí ọdún á fi yí. Íńtápọ́ọ̀lù ò ní ọlọ́pàá tó ń lọ mú èèyàn. Ọ́fíìsì ńlá wọn wà ní Líọ́ọ̀nù nílẹ̀ Faransé, ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, tiwa wà ní Abuja. Rẹ́ẹ̀dì nótíìsì tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́nu wọn yẹn, ìkéde ni, pé orílẹ̀-èdè báyìí ń wá lágbájá, ẹni tó bá rí i kó sọ fún wa. Ohun tí ìkéde yẹn máa jẹ́ lórí ilẹ̀ oníkálukú, oníkálukú ló ń pinnu ẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́pàá ò lè torí rẹ́ẹ̀dì nótíìsì tó ti Nàìjíríà wá nìkan mú akápò yín, adájọ́ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé àṣẹ ìmúni. Nótíìsì náà wúlò o, tí ò bá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́, tó ń fò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ó lè fi kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú ibì kan. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbé èèyàn wálé.

Ẹni tó ń béèrè fún èèyàn ni ìjọba, ẹni tó ń dáhùn sì ni kóòtù àti ìjọba ibẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní ẹ̀sìtìràdíṣọ̀n, pé kí ìjọba kan fa afurasí lé ìjọba kejì lọ́wọ́ lábẹ́ òfin. Ẹ má sì rò pé tó bá jẹ́ ìtòsí ló sá lọ, ọ̀rọ̀ á rọrùn. Láti 1984 ni Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ẹ rántí Sunday Ìgbòho, ọmọ ìpínlẹ̀ wa níbí, tí wọ́n mú ní pápákọ̀ Kútọnu ní July 2021, Abuja fẹ́ kí wọ́n dá a padà, àmọ́ kóòtù ni wọ́n gbé e lọ níbẹ̀, wọn ò sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Àti ibí sí Kútọnu ò tó ọjọ́ kan nínú mọ́tò o.

Ọ̀rọ̀ tiyín wá bẹ̀rẹ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Bó ṣe ń lọ rèé. Ọlọ́pàá á parí ìwádìí, fáìlì á lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ibẹ̀ á wò ó bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀, wọ́n á kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n á gbé e lọ kóòtù, kóòtù á fún wọn ní wáráǹtì láti mú un. Ìgbà yẹn ni Ìbàdàn á tó kọ̀wé sí Àtọ́nì Jẹ́nẹ́rà orílẹ̀-èdè ní Abuja, torí ìpínlẹ̀ ò lágbára láti kọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí orílẹ̀-èdè míì fúnra ẹ̀. Ẹ̀ka kan wà ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ l'Abuja tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, àwọn ló ń to ìwé náà bí ará ibẹ̀ ṣe ń fẹ́ ẹ, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Hóòmù Ọ́fíìsì, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ti Biritéènì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Tí EFCC bá ló ń ṣe ìwádìí, àwọn náà á gba Abuja kọjá. Tẹ́nikẹ́ni bá wá ní kẹ́gbẹ́ dá owó Íńtápọ́ọ̀lù tàbí owó lọ́ọ̀yà Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má dá a lóhùn o. Agbẹjọ́rò ìjọba Biritéènì ló máa ń dúró fún Nàìjíríà ní kóòtù wọn, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ò san kọ́bọ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni inú fáìlì yẹn. Mo ti rí fáìlì tó padà láti òkè torí pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju kí èèyàn mọ́kànlá wá kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé "ó kó owó wa jẹ," ó tán. Òfin ẹ̀sìtìràdíṣọ̀n ti Biritéènì, èyí tí wọ́n ṣe ní 2003, pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ìsọ̀rí. Àwọn kan wà, bí Amẹ́ríkà àti Kánádà, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti sọ ẹ̀sùn wọn kó ti tó, wọn ò ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àwa gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí lọ, ẹ̀rí tó jẹ́ pé tí adájọ́ bá wò ó, kó lè sọ pé tó bá jẹ́ ibí lẹjọ́ yìí ti wáyé, ó tó kí ẹni yìí wá jẹ́jọ́. Kò ní dá a lẹ́bi o, ó kàn fẹ́ mọ̀ pé nǹkan wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú mílíọ̀nù 31 yẹn. Ẹ ní ó fi fóònù gbé e. Ó dáa, bánkì ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Òṣìṣẹ́ bánkì kan á búra lórí sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì ẹgbẹ́, á fi ọjọ́ àti iye tó jáde hàn níkọ̀ọ̀kan, á fi àkáǹtì tó wọlé sí hàn, á sì fi nọ́ńbà fóònù tí wọ́n so mọ́ ọn hàn. Lẹ́yìn náà, ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Tó bá sọ pé owó ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé alága, akọ̀wé àti akápò fọwọ́ sí i, ẹ̀yin àti alága á búra lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé ẹ ò fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú ẹ̀. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí ohun tí akápò máa sọ ni pé òun yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó ni, pé gbèsè ló wà níta, òun ò jalè. Ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ẹni tó yáwó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà náà, kó sì hàn pé kò séyìí tó jọ mílíọ̀nù 31 lára ẹ̀. Tí ìwé yẹn bá ti sọnù, tàbí tó jẹ́ òun ló kó o lọ, ẹ sọ ọ́ nínú àfidáfíìtì, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì mú pásíbúùkù tiwọn wá. Mílíọ̀nù 15 kéèṣì yẹn yàtọ̀. Tí ò bá sí ìwé tó fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ kó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn tiẹ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ 31 kẹ́ ẹ wá máa pariwo mílíọ̀nù 46 káàkiri, torí tí ìwé ẹ̀sùn bá ń sọ 46 tí sítétímẹ́ǹtì bánkì ń sọ 31, lọ́ọ̀yà ẹ̀ á di ibẹ̀ mú ni.

Orúkọ náà ńkọ́? Obìnrin tó ti lọ́kọ nílùú wa lè ní orúkọ bàbá lórí BVN, orúkọ ọkọ lórí pásípọ́ọ̀tù, kí wọ́n máa pè é ní Ìyá lágbájá nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ fi nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù sí i, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa búra pé ẹni tó ń jẹ́ gbogbo orúkọ yìí ẹnì kan ṣoṣo ni. Amẹ́ríkà alágbára béèrè fún Buruji Kashamu, tó wá di sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ọdún ló lò ní àtìmọ́lé níbẹ̀, nígbà tó yá ní 2003 adájọ́ tú u sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bóyá òun gan-an ni ẹni tí wọ́n ń wá ni wọn ò rí yanjú.

Tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ wọn tó pé, wọ́n á mú un, wọ́n á gbé e lọ sí kóòtù Májísíréètì ti Wẹsitíminsítà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ẹ̀sìtìràdíṣọ̀n ti England ń lọ. Ohun tí adájọ́ kọ́kọ́ ń wò ni pé ṣé ohun tó ṣe yìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni níbí àti lọ́hùn-ún, tó sì lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán níbi méjèèjì. Ìyẹn ò le, olè jíjà lásán ọdún mẹ́ta ni nínú òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tiwọn lè dé ọdún méje. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú ohun tó ṣe, kì í ṣe nínú orúkọ tẹ́ ẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ ọ́ pé ó jẹ gbèsè, wọ́n á ní gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń torí ẹ̀ fa èèyàn léni lọ́wọ́, òótọ́ sì ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló máa gùn jù. Lọ́ọ̀yà ẹ̀ á ní kí wọ́n má dá a padà torí ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ò dáa. Ẹ má rò pé àwàdà ni. Kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ti fi lélẹ̀ pé àyè tí ẹlẹ́wọ̀n kan ní nínú yàrá tí èèyàn pọ̀ sí, tí ò bá tó sukúéà mítà 3, ó ti ń di ìyà tí òfin kọ̀. Wọ́n á bi Abuja pé ọgbà ẹ̀wọ̀n wo lẹ ń gbé e lọ gan-an, ẹ sọ orúkọ ẹ̀. Tí ẹni tó ń dáhùn bá lọ sọ Abólóńgò ní Ọ̀yọ́, lọ́ọ̀yà ẹ̀ á kó ìròyìn October 2021 jáde, nígbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà náà tí ẹlẹ́wọ̀n tó ju 800 sá lọ. Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni ìwé ìlérí láti ọ̀dọ̀ Àtọ́nì Jẹ́nẹ́rà, tó dárúkọ ọgbà, tó sọ iye àyè tó máa ní, tó sì gbà pé kí aṣojú Biritéènì lè wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ìlérí gbogboogbò pé "a máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa" ò ní tó wọn rárá. Ẹ̀yin ò lè kọ ìwé yẹn o, ṣùgbọ́n ẹ lè máa bi agbẹjọ́rò ìjọba ní Ìbàdàn léraléra bóyá wọ́n ti bá Abuja sọ ọ́, torí tí wọ́n bá dúró dìgbà tí adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù bá béèrè, oṣù ló ń jẹ.

Tí adájọ́ bá gbà, kò tíì tán. Ó máa fi ránṣẹ́ sí mínísítà wọn, oṣù méjì ni òfin fún ìyẹn. Obìnrin náà ní ọjọ́ 14 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Tí gbogbo ẹ̀ bá parí, ọjọ́ 28 ló kù fún Nàìjíríà láti wá mú un. Tẹ́ ẹ bá ro iye yìí pọ̀ lórí ìwé, ẹ á rò pé ọdún kan á ti tó, ṣùgbọ́n tó bá béèrè fún ibi ìsádi, pé wọ́n fẹ́ pa òun nílé, wọn ò lè dá a padà títí wọ́n á fi dáhùn ìyẹn, ìyẹn náà sì ní àkókò tiẹ̀. Ó sì lè wà níta lórí béèlì ní gbogbo àkókò yẹn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé fọ́tò sórí Fesibúùkù, kó sì máa dùn yín. Nígbà tí Biritéènì fúnra wọn ń wá James Ibori, gómìnà Delta tẹ́lẹ̀ rí, Dubai ni wọ́n ti mú un ní May 2010, April 2011 ló tó balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba olówó nìyẹn o, pẹ̀lú fáìlì tó kún. Tiyín lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àfi tó bá fúnra ẹ̀ gbà pé òun ń bọ̀, àwọn kan máa ń gbà, ìyẹn sì máa ń yá.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ bá wọn ní Ìbàdàn. Ẹ̀sùn tí wọ́n bá torí ẹ̀ fà á lé wa lọ́wọ́ nìkan la lè bá a ṣẹjọ́ lé lórí nígbà tó bá dé, àti òfin wọn àti tiwa ló sọ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá rántí lẹ́yìn tó ti dé pé ó tún ṣe ayédèrú ìwé ilẹ̀ ẹgbẹ́, ó ti pẹ́ jù nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ tún padà lọ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀sùn ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èwo ni gbogbo wàhálà yìí, ṣé wọn ò lè rán èèyàn lọ gbé e? Wọ́n ti dán an wò rí. Ní July 1984, wọ́n jí Umaru Dikko, tó ti ṣe mínísítà nígbà Shagari, gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n kàn án mọ́ inú àpótí, pápákọ̀ Sitánsítẹ̀dì ni àṣírí ti tú. Àwọn tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n, Nàìjíríà wá padà béèrè fún un lọ́nà tó tọ́, wọn ò gbà. Bẹ́ẹ̀ ní 1963, wọ́n dá Olóyè Anthony Enahoro padà láti Lọ́ńdọ̀nù kan náà, kóòtù ni wọ́n gbà, pẹ̀lú òfin tó ti wà láti 1881.

Ó wá ku owó. Ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti èèyàn, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé kẹ́ ẹ dúró dìgbà tó bá dé. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìrànlọ́wọ́ lábẹ́ òfin láàárín orílẹ̀-èdè méjì: wọn ò ní fún wa ní èèyàn, ẹ̀rí ni wọ́n ń bá wa kó, owó ni wọ́n ń bá wa dì mú. Àdéhùn ti wà láàárín Nàìjíríà àti Biritéènì lórí ẹ̀ láti 1989, àwa náà sì ṣe òfin tuntun fún un ní 2019. Ẹ̀ka Abuja kan náà ló ń kọ ọ́.

Ó ní ìpele méjì, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́, EFCC lè bá àwọn ọlọ́pàá Biritéènì sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kí wọ́n bá wọn wò ó bóyá àbúrò yẹn ní àkáǹtì, bóyá owó wọlé síbẹ̀. Ìyẹn yá, àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, kò ṣe é gbé lọ kóòtù, ó kàn ń júwe ibi tí wọ́n máa wá ni. Ìpele kejì ni ìwé gidi, èyí tó máa gbé sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì náà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìwé yìí ò fẹ́ ìsọkúsọ. Orúkọ bánkì, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ tí owó jáde lọ́dọ̀ wa àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rò pé ó wọlé lọ́hùn-ún, àti ìdí tí ìyẹn fi kan ẹ̀sùn. Tí Abuja bá kọ̀wé pé "ẹ bá wa wá gbogbo àkáǹtì tó ní ní Biritéènì," wọ́n máa dá a padà, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni pẹja nínú òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí sítétímẹ́ǹtì bánkì tó wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ fi ṣe pàtàkì, torí láti àkáǹtì akápò níbí lẹ ti máa rí ibi tí mílíọ̀nù 31 yẹn yà sí. Tó bá jẹ́ bánkì ló gbé e lọ, ọ̀nà wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó gba kéèṣì, ó sì ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè ní Sábó, ọ̀nà ti já síbẹ̀ nìyẹn, àfi tí ẹni tó bá a ṣẹ́ ẹ yẹn bá gbà láti kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀.

Wọ́n lè fi ìwé kan náà tọrọ pé kí kóòtù wọn ti àkáǹtì náà pa, kí owó má tún sá, ìwádìí tó ti bẹ̀rẹ̀ níbí tó láti béèrè ìyẹn, kò dìgbà tí wọ́n bá dá a lẹ́bi. Kí owó tó lè wálé wá, kóòtù tiwa gbọ́dọ̀ pàṣẹ pé owó ìwà ọ̀daràn ni. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé òfin kan tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 gbà kí kóòtù gba owó bẹ́ẹ̀ láìdúró de ìdájọ́ lórí èèyàn tó kó o. Ẹ̀yin tí akápò yín ò sí nílé, òfin yìí lẹ ó di mú. Kò yá o, owó Ibori tí Biritéènì dá padà, mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn, 2021 ni, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tó wà nílé níbí, ilé tó kọ́, ilẹ̀ tó rà, owó tó kù nínú àkáǹtì ẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí àṣẹ kóòtù wà lórí ilé yẹn kí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tó tà á.

Ti ìyá ẹ̀, ẹ má dán an wò. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ti kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ òfin nìkan. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá gbé ìyá arúgbó yẹn sùn sí àgọ́, ẹnì kan á ya fídíò, fídíò náà á dé ọwọ́ lọ́ọ̀yà Lọ́ńdọ̀nù, òun ló sì máa kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́ pé ẹ wo ohun tó ń dúró de oníbàárà mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbèrò ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣèpàdé, kẹ́ ẹ sì lọ gba sítétímẹ́ǹtì bánkì yẹn kí wọ́n tó ní ó ti pẹ́ jù láti wá a.